Èlé Inú Ọjà Háyà, àti Ọjọ́ tí Olùtà Gba Ọkọ̀ Rẹ̀ Padà

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, púpọ̀ nínú wa tí ń kọ́ ìṣirò owó ni ìbéèrè lórí háyà-pọ́ṣéèsì ti bá fínra nínú ìdánwò. Àwọn mìíràn kò kọ́ ìṣirò owó rárá, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ nítorí ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Àwọn méjèèjì ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ohun tí ó máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú kò ju ẹyọ kan lọ: owó tí à ń san nígbà kọ̀ọ̀kan kì í ṣe owó ọjà nìkan. Èlé wà nínú rẹ̀, èlé tí ó wà nínú ìsan àkọ́kọ́ kì í sì í bá ti ìkẹyìn dọ́gba.

Nílé, àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà máa ń ta aṣọ láwìn, wọn a sì máa padà wá gba owó wọn díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbé aṣọ lé ọ lọ́wọ́, aṣọ ti di tìrẹ. Gbèsè nìkan ni ó kù láàárín yín. Háyà kò rí bẹ́ẹ̀. Olùtà ni ó ni ọjà títí a ó fi san kọ́bọ̀ tí ó kẹ́yìn. Ẹni tí ó gbé e lọ ń yá a lò ni, ó sì ní àǹfààní láti sọ ọ́ di tirẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn. Ẹjọ́ Helby àti Matthews, ní ọdún 1895, ni ó fi èyí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin kan gba dùùrù lọ́wọ́ Helby ní háyà, kò sì tíì san tán tí ó fi lọ fi dùùrù náà dógò lọ́dọ̀ Matthews. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá Helby láre, nítorí pé ẹni tí ó lè dá ọjà padà nígbà tí ó bá wù ú kò tíì ṣe ìlérí pé òun yóò rà á.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan, kí á má sì fi í sílẹ̀ títí a ó fi parí. Obìnrin kan ń ta iṣu, gàrí àti èlùbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó fẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan. Bí ó bá san owó lójú ẹsẹ̀, £4,310 ni ọkọ̀ náà. Kò ní iye yẹn, nítorí náà ó san £1,000 sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ó sì gbà láti san £1,331 ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan fún ọdún mẹ́ta. Oṣooṣù ni wọ́n sábà máa ń san án, ṣùgbọ́n ọdọọdún yóò jẹ́ kí ojú wa tètè là sí i. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ £4,993. Bí a bá yọ £4,310 kúrò, £683 ni èlé.

Báwo ni a ó ṣe pín £683 yìí sí ọdún mẹ́ta? Ẹni tí ó ń kánjú yóò fi mẹ́ta pín in, yóò sì kọ £227.67 sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Kò tọ́, nítorí pé orí gbèsè ni èlé ń gùn, gbèsè sì ń dín kù. Lẹ́yìn àsansílẹ̀, gbèsè jẹ́ £3,310. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún ni èlé tí ó wà nínú àdéhùn yìí, nítorí náà èlé ọdún kìíní jẹ́ £331. Obìnrin náà san £1,331: £331 lọ sí èlé, £1,000 péré ni ó dín gbèsè kù, gbèsè sì di £2,310. Èlé ọdún kejì jẹ́ £231. Bí ó bá san ìsan kejì, gbèsè á di £1,210. Èlé ọdún kẹta á jẹ́ £121, àpapọ̀ rẹ̀ á sì jẹ́ £1,331 gẹ́lẹ́, èyí tí ìsan ìkẹyìn yóò pa rẹ́. £331, £231 àti £121: ẹ ro wọ́n pọ̀, £683 ni. Bí iṣẹ́ yín kò bá parí sí òdo báyìí, ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Ibí yìí ni kí ẹ ti ṣọ́ra fún ẹnu olùtà. Òun náà lè mú £227.67 yẹn, kí ó fi wé £3,310 àkọ́kọ́, kí ó sì sọ pé èlé òun kò tó 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Irọ́ kọ́ ni ìṣirò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń díbọ́n bí ẹni pé £3,310 wà lọ́wọ́ yín fún ọdún mẹ́ta gbáko. Mẹ́wàá ni èlé náà.

Ìwé ẹni tí ó gbé ọkọ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń béèrè pé: bí ọkọ̀ kò bá tíì jẹ́ ti obìnrin yìí, kí ló dé tí a fi ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ bí ohun ìní? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òun ni ó ń lò ó, òun ni yóò gbó mọ́ lọ́wọ́, òun ni yóò sì tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ti gidi ni ìwé ìṣirò ń tọ̀ lẹ́yìn, kì í ṣe orúkọ tí ó wà lórí àdéhùn. Nítorí náà, yóò kọ £4,310 sí apá òsì àkáǹtì ọkọ̀, yóò sì kọ iye kan náà sí apá ọ̀tún àkáǹtì olùtà. Kò gbọdọ̀ kọ £4,993. Ẹni tí ó bá kọ iye yẹn ti ra èlé bí ẹni ra táyà.

Owó ìgbó ọkọ̀ náà, orí £4,310 ni a ó ti ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí iye tí ó ti san. Ẹ jẹ́ kí á fi ìdá kan nínú márùn-ún ṣe é, èyí tí í ṣe £862 lọ́dún. Ní ìparí ọdún kìíní, a ó kọ £331 bí èlé àti £862 bí ìgbó sí ìnáwó ọdún náà. Nínú àkọsílẹ̀ ohun ìní rẹ̀, ọkọ̀ yóò jẹ́ £3,448, gbèsè olùtà yóò sì jẹ́ £2,310.

Ìwé olùtà

Ká ní £3,450 ni olùtà fi ra ọkọ̀ náà. Èrè méjì ni ó ń jẹ. Èkíní ni £860, èrè ọjà, tí yóò jẹ bí ó bá tilẹ̀ ta ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èyí jẹ́ ti ọdún kìíní. Èkejì ni £683, èrè owó tí ó yá ènìyàn, kò sì gbọdọ̀ jẹ ẹ́ kí àkókò rẹ̀ tó pé. Yóò kọ £4,993 sí àkáǹtì oníbàárà. Ní òdìkejì, yóò kọ £4,310 sí ọjà títà, yóò sì fi £683 pa mọ́ sínú àkáǹtì èlé tí àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Ní ìparí ọdún kìíní, yóò fa £331 jáde láti ibẹ̀ sínú èrè. Ẹni tí ó bá kó gbogbo £683 sínú èrè ọdún kìíní ń jẹ oúnjẹ ọ̀la.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ padà

Ọjà kò tà mọ́ ní ọdún kejì, obìnrin náà kò sì lè san ìsan kejì. Ká ní ìparí ọdún náà gan-an ni olùtà gba ọkọ̀ padà pẹ̀lú àṣẹ ilé-ẹjọ́, kí ìṣirò wa lè rọrùn. Ní tòótọ́, ó máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú ìwé obìnrin náà, gbèsè ti di £2,310 àti èlé £231, ìyẹn £2,541. Ọkọ̀ ti gbó lẹ́ẹ̀mejì, £2,586 ni ó kù nínú ìwé. Bí olùtà bá gba ọkọ̀ tí ó sì pa gbèsè rẹ́, òfò £45 péré ni yóò hàn. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu, nítorí pé £2,331 ni ó ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìgbó ọdún méjì, £1,724. Ẹ fi èlé ọdún méjì, £562, kún un. Ẹ fi £45 lé e. £2,331 gẹ́lẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń mọ̀ pé ìwé náà pé. Bí ilé-ẹjọ́ bá sì ní kí ó ṣì san nínú èyí tí ó jẹ sẹ́yìn, òfò mìíràn nìyẹn lórí £45.

Ní ti olùtà, £2,662 ni ó kù ní àkáǹtì oníbàárà. Ṣùgbọ́n £121 inú rẹ̀ jẹ́ èlé ọdún kẹta tí kò ní dé mọ́. A ó yọ ọ́, yóò ku £2,541. Ọkọ̀ tí ó padà dé kò tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, £1,900 ni wọ́n dá lé e. Iye yìí ni kí ó fi kọ ọ́ sínú ọjà tí ó wà nílẹ̀, kí ó sì gba òfò £641. Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣìnà jù nìyí: wọn a kọ ọkọ̀ sílẹ̀ ní iye gbèsè, òfò a sì fara pa mọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá tún un tà. Lójú tèmi, kò yẹ kí olùtà ka £231 ọdún kejì sí èrè nígbà tí kò rí i gbà. Bí kò bá kà á, òfò rẹ̀ á jẹ́ £410. Lọ́nà méjèèjì, èrè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ £781, nítorí pé ó gba £2,331, ó ní ọkọ̀ £1,900, £3,450 sì ni ó ná.

Ṣùgbọ́n bí kò bá lọ sí ilé-ẹjọ́ ńkọ́? Òfin ọdún 1974 lórí ọjà àwìn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé, bí ènìyàn bá ti san ìdá kan nínú mẹ́ta àpapọ̀ iye, olùtà kò lè gba ọjà láìsí àṣẹ ilé-ẹjọ́, àfi bí oníbàárà fúnra rẹ̀ bá gbà nígbà náà. Ìdá kan nínú mẹ́ta £4,993 kò pé £1,665. Ìsan kìíní ti gbé obìnrin yìí kọjá rẹ̀. Bí olùtà bá rán àwọn géńdé lọ wọ́ ọkọ̀ náà lóru, àdéhùn parí, kò jẹ gbèsè kankan mọ́, olùtà yóò sì dá gbogbo £2,331 padà fún un. Èrè £781 yóò di òfò £1,550. Òfin yìí bo oníṣòwò tí ó dá dúró bí obìnrin wa yìí. Kò bo kọ́ńpínnì.

Òfin kan náà fún un ní ọ̀nà mìíràn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í lò títí ó fi ń bọ́. Ó lè kọ̀wé pé òun dá ọkọ̀ padà, bí ó bá ti san ìdajì àpapọ̀ iye tàbí tí yóò fi kún un dé ibẹ̀, tí ó sì ti tọ́jú ọkọ̀ náà dáadáa. Ìdajì jẹ́ £2,496.50. Bí ó bá kọ̀wé kí ọjọ́ ìsan kejì tó pé, £165.50 ni kù lọ́rùn rẹ̀. Bí ó bá dúró di ọjọ́ kejì rẹ̀, £1,331 ti di gbèsè tí àkókò rẹ̀ pé, yóò sì san án. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín méjèèjì.

Nílé, òfin háyà-pọ́ṣéèsì Nàìjíríà ti ọdún 1965 béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìdajì fún ọjà mìíràn, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún fún ọkọ̀. Ní ti ọkọ̀ yìí, ìyẹn jẹ́ £2,995.80. Ká ní Ìbàdàn ni obìnrin náà ti gbé e, £2,331 tí ó san kò ì bá tíì dáàbò bò ó.