“Grey” ni àbí “gray”? Àwọ̀ eérú nínú ìjábọ̀ ọ́fíìsì

Ẹni tó ń kọ ìjábọ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó wá kan ibi tó ti fẹ́ dárúkọ àwọ̀ eérú, ọ̀nà méjì ló máa bá níwájú: “grey” àti “gray”. Bákan náà la ṣe ń pe méjèèjì, ohun kan náà ni wọ́n sì túmọ̀ sí. Síbẹ̀, mo ti rí ọ̀gá ọ́fíìsì tó fi báírò pupa yí “gray” po nínú iṣẹ́ ọmọ abẹ́ rẹ̀, tó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wà o. Ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ló yàtọ̀ sí ibi tí ọ̀gá ti kàwé.

“Grey” ni wọ́n ń kọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti láwọn orílẹ̀-èdè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ rí, tó fi mọ́ Nàìjíríà. “Gray” ni ti Amẹ́ríkà. Ìjábọ̀ tó ń lọ sí iléeṣẹ́ ìjọba l'Ábùjá tàbí sí kóòtù n'Íbàdàn, “grey” ló yẹ ẹ́. Èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ yunifásítì tàbí àjọ tó ń fowó ṣèrànwọ́ ìwádìí l'Amẹ́ríkà, “gray” ni kẹ́ ẹ kọ. Èyí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ má fi èkejì lú u nínú ìwé kan náà, nítorí ẹni tó bá tẹ Ctrl+F láti wá gbogbo ibi tí àwọ̀ náà ti jẹ yọ, àwọn tí ẹ kọ ní ọ̀nà kejì kò ní jáde sí i. Bó bá jẹ́ ti sípẹ́lì nìkan ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ohun tó máa ń kó èèyàn sí wàhálà kì í sábà jẹ́ lẹ́tà yẹn.

Ìyàtọ̀ náà gan-an kò fìdí múlẹ̀ tó bí ọ̀gá oníbáírò ṣe rò. Nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ jáde ní London lọ́dún 1755, “gray” ló fara mọ́, bẹ́ẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé ni. Lọ́dún 1893, James Murray, olóòtú ìwé atúmọ̀ èdè ńlá ti Oxford, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè káàkiri pé èwo gan-an làwọn èèyàn ń kọ. Èsì wọlé rẹpẹtẹ. Àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn The Times ní “gray” làwọn ń lò. Àwọn ilé ìtẹ̀wé ńlá mìíràn ní “grey” ni. Nígbà tó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó rí i pé “grey” ló pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn ilẹ̀ náà, láìka ohun tí Johnson àtàwọn tó tẹ̀ lé e sọ sí.

Apá kan wà nínú èsì wọ̀nyẹn tó ṣì ń da ìjábọ̀ láàmú títí dòní. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tó kọ̀wé sí Murray ní àwọn ń lo méjèèjì, pé ìtumọ̀ wọn yàtọ̀ létí àwọn. Àwọn kan ní “grey” ni èyí tó mọ́lẹ̀ jù, tó sì fẹ́lẹ́. Àwọn mìíràn ní “gray” ni èyí tó ní pupa tàbí búráùn díẹ̀ nínú. Títí di ìsinsìnyí, ẹ ṣì lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ayàwòrán tàbí oníṣẹ́ ọ̀dà. Kò sí ìwé òfin kan tó fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá kọ “gray” nítorí pé eérú tẹ́ ẹ rí pọ́n díẹ̀, ẹni tó ń ka ìjábọ̀ yín máa rò pé Amẹ́ríkà lẹ ti kàwé ni. Kò ní mọ̀ pé ẹ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa pupa. Bó bá pọ́n díẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó pọ́n díẹ̀.

Níbi tí àwọ̀ bá ti ṣe pàtàkì lóòótọ́, nọ́ńbà ni wọ́n máa ń kọ mọ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó ń yẹ ilẹ̀ wò, nítorí iṣẹ́ tiwọn ló fi èyí hàn kedere jù lọ. Ká ní ẹnì kan fẹ́ ra ilẹ̀ kan lẹ́bàá àkùrọ̀, kó fi gbin kòkó, ó wá bẹ onímọ̀ nípa ilẹ̀ pé kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Onímọ̀ náà á gbẹ́ kòtò, á bu ògúlùtu láti ibi tó jìn tó 30 sẹ̀ǹtímítà, á fi omi díẹ̀ rin ín, á fọ́ ọ sí méjì, á wá gbé ojú ibi tó fọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé àwọ̀ kan nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Munsell ni wọ́n ń pe ìwé náà, orúkọ Albert Munsell, ayàwòrán ará Boston tó gbé ètò náà jáde lọ́dún 1905. Páálí kéékèèké tí wọ́n kùn ní oríṣiríṣi àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá bá ògúlùtu náà dọ́gba, nọ́ńbà rẹ̀ lonímọ̀ yìí máa kọ sílẹ̀, ká ní:

```
10YR 5/1
```

Apá àkọ́kọ́ ń sọ ìdílé àwọ̀ náà, ìyẹn àárín pupa sí yẹ́lò. 5 ń sọ bó ṣe mọ́lẹ̀ tó: 0 ni dúdú kirikiri, 10 ni funfun báláú, nítorí náà àárín ló wà. 1 ń sọ bí àwọ̀ inú rẹ̀ ṣe le tó, ó sì kéré débi pé ojú kò fẹ́ẹ̀ rí pupa tàbí yẹ́lò kankan mọ́. Orúkọ tí ìwé Munsell fún nọ́ńbà yìí ni “gray”, nítorí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é.

Àwọ̀ yẹn ní ohun tó ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbin kòkó. Irin tó dógùn-ún ló ń mú kí yẹ̀pẹ̀ wa pọ́n. Bí omi bá dúró sínú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á yí irin náà padà di èyí tó lè yòrò, omi á sì gbé e lọ. Ohun tó máa ṣẹ́ kù ni eérú. Bí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ 2 tàbí tó kéré sí i, tí èyí tó ṣáájú rẹ̀ sì jẹ́ 4 sókè, àwọn onímọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fura pé omi ti ń jókòó síbẹ̀. Kòkó kò sì fẹ́ kí omi rọ́ sí òun lẹ́sẹ̀.

Níbí ni àṣìṣe gidi ti máa ń wọlé. Ògúlùtu kan náà, tó bá gbẹ, á mọ́lẹ̀ sí i. Èyí tó jẹ́ 5/1 nígbà tó tutù lè di 7/1 nígbà tó bá gbẹ, orúkọ rẹ̀ nínú ìwé á sì kúrò ní eérú lásán, á di eérú tó mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí onímọ̀ tó mọ iṣẹ́ fi máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá yẹ̀pẹ̀ náà tutù tàbí ó gbẹ nígbà tóun wò ó. Bí ẹni méjì bá yẹ ilẹ̀ kan náà wò, tí ọ̀kan kọ “grey”, tí èkejì kọ “gray”, kò sí ìjà. Bí ọ̀kan bá wò ó ní tútù, tí èkejì wò ó ní gbígbẹ, tí kò sì sí èyí tó sọ ọ́, ìjà ti dé. Ní tèmi, bí ìjábọ̀ náà bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ yí orúkọ Munsell sí “grey” kó bá ìyókù ìwé mu, nítorí nọ́ńbà ló ru ẹrù ìtumọ̀. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ ń dà kọ ní tààràtà, bó ṣe kọ ọ́ ni kẹ́ ẹ fi í sí.

Níbi tá a wà yìí, “áàṣì” lọ̀pọ̀ èèyàn ń pe àwọ̀ yìí, pàápàá lára mọ́tò. Ó dára láàárín ara wa. Nínú ìjábọ̀ tó ń lọ sókè òkun, ẹni tó ń kà á lè má mọ̀ pé àwọ̀ lẹ ń sọ.

Lórí kọ̀ǹpútà, ìgbà kan wà tí lẹ́tà yẹn yí àwọ̀ padà ní ti gidi. Internet Explorer ayé àtijọ́ mọ “gray”, kò mọ “grey”. Ẹni tó bá kọ báyìí sójú ìwé íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀:

```html
<body bgcolor="grey">
```

á rí i tí gbogbo ojú ìwé náà di àwọ̀ ewé. Nígbà tí ẹ̀rọ kò mọ orúkọ náà, ó mú un bíi nọ́ńbà àwọ̀. Nínú irú nọ́ńbà yẹn, lẹ́tà a títí dé f nìkan ló wúlò, nítorí náà g, r àti y di òdo, e nìkan ló ṣẹ́ kù, ó sì bọ́ sí àyè tó jẹ́ ti àwọ̀ ewé: `00e000`. Àwọn ẹ̀rọ òde òní ti gba méjèèjì, `#808080` ni wọ́n sì máa fún yín. Àmọ́ R, ètò tí àwọn oníṣirò fi ń ya àtẹ, `#BEBEBE` ni “gray” tirẹ̀, èyí tó mọ́lẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ kóòdù náà sábẹ́ àtẹ yín, kí ẹni tó fẹ́ tún un yà má bàa ya ohun mìíràn.

Ibi tí mo ti máa ń bẹ̀rù jù ni ìgbà tí èèyàn bá parí ìjábọ̀, tó wá fẹ́ fi Replace All sọ gbogbo “gray” di “grey” lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ìjábọ̀ dókítà tó ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ inú ọpọlọ. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ka ìtànṣán tó wọ ara ń jẹ́ gray, tí wọ́n fi sọrí Louis Harold Gray, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1975 ni àjọ òṣùwọ̀n àgbáyé tẹ́wọ́ gbà á. Júùlù kan nínú kílógíráàmù ara kan ni gray kan. Oríṣi jẹjẹrẹ ọpọlọ kan wà tí wọ́n sábà máa ń fún ní 60 gray, tí wọ́n pín sí ìgbà 30, ìgbà kọ̀ọ̀kan 2. Nílé ìwòsàn ní London tàbí n'Íbàdàn, dókítà lè kọ “grey” fún apá ọpọlọ tó ní àwọ̀ eérú, kó sì kọ “gray” fún ìtànṣán nínú gbólóhùn kan náà, méjèèjì á sì tọ̀nà. Replace All á sọ òṣùwọ̀n náà di ohun tí kò sí. Á tún orúkọ Henry Gray kọ fún un, ẹni tó kọ ìwé nípa ẹ̀yà ara lọ́dún 1858. Bó bá sì jẹ́ “grey” lẹ ń sọ di “gray” fún àwọn ará Amẹ́ríkà, tíì Earl Grey á bàjẹ́, greyhound, ajá asáré nì, á bàjẹ́ pẹ̀lú. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn e ni wọ́n fi ń kọ ọ́.

Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wo ibi tẹ́ ẹ dé. Bó bá jẹ́ ti ìtànṣán, ẹ lo Gy, àmì òṣùwọ̀n náà. Kò sí e tàbí a nínú rẹ̀.