Nọ́ńbà Tó Jáde Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ kọ nọ́ńbà 1 dé 12 sí ìlà mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà ní láti kà wọ́n yípo wọ inú bí ìkarahun ìgbín: sọ́tùn-ún, sísàlẹ̀, sósì, sókè. Bó bá ti ka ẹ̀gbẹ́ kan tán, ó ń fa ààlà ibẹ̀ wọ inú.

Lẹ́yìn ìyípo àkọ́kọ́, 6 àti 7 nìkan ló kù, lórí ìlà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà kà wọ́n lọ sọ́tùn-ún, kò rí ibi tí yóò sọ̀ kalẹ̀ sí, ló bá tún gba orí ìlà kan náà padà sósì. Bí 6 ṣe jáde lẹ́ẹ̀kejì nìyẹn, tí nọ́ńbà 12 di 13. Ààlà òkè ti kọjá ti ìsàlẹ̀, kóòdù kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Àyẹ̀wò méjì ló ń tún un ṣe:

```
if top <= bottom:  # kó tó lọ sósì
if left <= right:  # kó tó gòkè
```

Òpó ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Nínú ìlà mẹ́rin, mẹ́ta mẹ́ta, 5 àti 8 ló ń kù láàárín. Kò sí àtúnkà, bí àyẹ̀wò kejì ò tilẹ̀ sí. Àfi kí ẹ fi ìlà márùn-ún dán an wò: 5, 8 àti 11 yóò kù, 8 yóò sì jáde lẹ́ẹ̀mejì.