Ojú Kan, Ìdáhùn Méjì: Nígbà tí Ìlà Gíráàfù Bá Ní Igun

Láti oṣù kìíní ọdún 2026 ni òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹni tí owó tí wọ́n lè gba owó-orí lé lórí kò bá ju ₦800,000 lọ lọ́dún kò ní san kọ́bọ̀. Lórí ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, kọ́bọ̀ 15 ni ìjọba ń gbà lórí náírà kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti kọjá ₦3,000,000, kọ́bọ̀ 18 ni wọn yóò máa gbà lórí náírà kọ̀ọ̀kan tó bá lé, títí yóò fi dé ₦12,000,000.

Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ kan tí tirẹ̀ jẹ́ ₦3,000,000 géérégé. Owó-orí rẹ̀ jẹ́ ₦330,000. Bí owó rẹ̀ bá fi ₦10,000 lé sí i, owó-orí á di ₦331,800. ₦1,800 ló gorí rẹ̀, ìyẹn kọ́bọ̀ 18 lórí náírà. Bí owó rẹ̀ bá fi ₦10,000 dín, owó-orí á di ₦328,500; ₦1,500 ló dín, ìyẹn kọ́bọ̀ 15. Lójú ₦3,000,000 gan-an, kọ́bọ̀ mélòó wá ni owó-orí fi ń gòkè lórí náírà kan? Ìdáhùn méjì ló wà.

Dẹrifétíìfù ni àwọn onímátíìsì ń pe òṣùwọ̀n yìí. Wọ́n á sún díẹ̀ kúrò lójú ibi tí wọ́n ń wò. H ni wọ́n ń pe ìsún náà. Wọ́n á wo iye tí èsì fi yí padà, wọ́n á fi h pín in, wọ́n á sì máa dín h kù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo. Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún nìkan ni wọ́n sún sí, dẹrifétíìfù apá ọ̀tún ni wọ́n rí; bó bá jẹ́ òsì, ti apá òsì ni. Àfi tí méjèèjì bá já sí nọ́ńbà kan náà ni wọ́n tó lè sọ pé dẹrifétíìfù wà níbẹ̀. Owó-orí yìí ní 0.18 lọ́tùn-ún àti 0.15 lósì, nítorí náà kò ní dẹrifétíìfù lójú ₦3,000,000.

Síbẹ̀, ìlà gíráàfù rẹ̀ kò já. Igun ló ní. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù kò fi yẹ kó ba ẹni tí owó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ibẹ̀: kọ́bọ̀ 18 kò kan ₦3,000,000 àkọ́kọ́.

Níléèwé, |x| ni wọ́n sábà máa ń fi kọ́ni ní igun. Ó máa ń yọ àmì àyọkúrò kúrò lára nọ́ńbà, gíráàfù rẹ̀ sì rí bíi lẹ́tà V. Lójú òdo, ọ̀tún fún wa ní 1, òsì fún wa ní −1.

Gbòǹgbò ìlọ́po mẹ́ta ní tirẹ̀ kò ní igun rárá. Ti 8 ni 2, nítorí pé 2 × 2 × 2 jẹ́ 8. Ti −8 sì ni −2. Ẹ wò ó lójú òdo. Bí h bá jẹ́ 0.001, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 0.1, 0.1 ÷ 0.001 sì jẹ́ 100. Bí h bá jẹ́ 0.000001, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 0.01, èsì ìpín á di 10,000. Lápá òsì, −0.1 ÷ −0.001 náà jẹ́ 100. Apá méjèèjì fohùn ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tí wọ́n fẹ́ dúró lé; ńṣe ni wọ́n ń gòkè láìdúró.

Lórí gíráàfù, ìlà náà nàró ṣánṣán bó ṣe ń gba ojú òdo kọjá. Ìlà tó fara kàn án níbẹ̀ wà, ìlà òòró ni. Nọ́ńbà ni kò sí, torí pé ìlà òòró ń gòkè láìsún sí ẹ̀gbẹ́, kò sì sí ẹni tó lè fi òdo pín nǹkan.

Bí a bá wá fi gbòǹgbò yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Pẹ̀lú h kan náà, 0.001, ọ̀tún fún wa ní 10, òsì fún wa ní −10. Bí h bá di 0.000001, wọ́n á di 100 àti −100. Ìlà náà já wálẹ̀ láti òsì, ó ṣe ṣóńṣó lójú òdo, ó sì tún gbéra sókè lọ́tùn-ún.

Ibi tí kakulétọ̀ ti ń ṣini lọ́nà rèé. `nDeriv` tó wà lórí TI-84 kì í yẹ apá kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀. Ó ń mú èsì ọ̀tún àti ti òsì, ó ń yọ èkejì kúrò lára èkíní, á wá fi 2h pín in. Bí wọn kò bá yí i padà, 0.001 ni h rẹ̀. Lórí |x| lójú òdo, 0 ló máa gbé jáde. Lórí gbòǹgbò ìlọ́po mẹ́ta, á gbé 100 jáde bí ẹni pé nọ́ńbà gidi ni. Lórí owó-orí òṣìṣẹ́ wa, á pè é ní 0.165, kọ́bọ̀ mẹ́rìndínlógún àbọ̀ tí kò sí nínú òfin kankan. Kò sì ní sọ pé àṣìṣe wà.

Ẹni tó bá fura lè ṣe ìpín náà fúnra rẹ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀, kó sì tún un ṣe pẹ̀lú h tó kéré sí i. Bí ọ̀tún bá dúró lórí nọ́ńbà kan, tí òsì dúró lórí òmíràn, igun ló wà níbẹ̀. Bí méjèèjì bá ń pọ̀ sí i bí h ṣe ń kéré, kó wo àmì wọn: àmì kan náà túmọ̀ sí ìlà òòró bíi ti gbòǹgbò, àmì tó takora túmọ̀ sí ṣóńṣó.