Àdírẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ayé rí, nọ́ńbà tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀

Ká ní ẹgbẹ́ ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún kan fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tí àwọn ọmọ Ìlá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sì ní Bítíkọ́ìnì làwọn máa fi dá tiwọn. Akápò á lẹ àdírẹ́ẹ̀sì wọ́lẹ́ẹ̀tì mọ́ ojú Wáàsáàpù ẹgbẹ́. Bí àwọn àgbà bá ti gbọ́, ohun tí wọ́n máa bi í kò ní ju ẹyọ kan lọ: "Akápò, ohun tí o gbé síta gbangba yìí, ṣé olè ò ní fi kó owó wa lọ ni?"

Ìbéèrè náà mọ́gbọ́n wá, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ti wáyé rí nílẹ̀ wa. Ní October 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS, ẹgbẹ́ Feminist Coalition ń gba owó tí wọ́n fi ń ran àwọn olùwọ́de lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀nà báǹkì dí mọ́ wọn, Bítíkọ́ìnì ni wọ́n yà sí. Ojú ayé ni wọ́n ti ń gbà á, síbẹ̀ mímọ ibi tí owó ń wọlé sí kò sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tó lè ná an.

Kókó ibẹ̀ ni pé owó náà kò sí nínú fóònù rárá. Ìwé àkọsílẹ̀ kan ló wà, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé àdírẹ́ẹ̀sì báyìí ní iye báyìí. Wọ́lẹ́ẹ̀tì orí fóònù kàn ń pa kọ́kọ́rọ́ mọ́ ni, ó sì ń ka ìwé náà fún ọ.

Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Nọ́ńbà lásán ni: nọ́ńbà kan tí a mú láàárín 1 sí nọ́ńbà ńlá kan tó gùn tó fígọ̀ 78. Ilé iṣẹ́ kankan kì í pín in, ìjọba kì í fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bí o bá da owó ẹyọ sókè nígbà 256, tí o ń kọ 1 sílẹ̀ bí ó bá da orí, tí o ń kọ 0 bí ó bá da ìdí, o ti ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́ àṣírí tìrẹ nìyẹn. Wọ́lẹ́ẹ̀tì a máa bá ọ ṣe é ní ìṣẹ́jú àáyá. Kò sì ní bá ti ẹlòmíràn dọ́gba, nítorí ibi tí a ti ń mú un fẹ̀ kọjá ohun tí ọkàn lè rò.

Wọ́lẹ́ẹ̀tì á wá fi nọ́ńbà náà ṣe ìṣirò kan tí gbogbo ayé mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ìṣirò orí ìlà kọrọdọ kan tí wọ́n ń pè ní secp256k1. Èsì rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ gbangba. Lẹ́yìn náà, yóò tún kọ́kọ́rọ́ gbangba náà lọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lákọ̀ọ́kọ́ pẹ̀lú SHA-256, lẹ́ẹ̀kejì pẹ̀lú RIPEMD-160. Ohun kúkúrú tó bá jáde, wọ́n á fi lẹ́tà àti fígọ̀ kọ ọ́, òun ni àdírẹ́ẹ̀sì. Ọ̀nà àlọ ni gbogbo èyí, kò ní àbọ̀. Ẹyìn di epo tán, kò sẹ́ni tó lè sọ epo padà di ẹyìn. Ẹni tó rí àdírẹ́ẹ̀sì kò lè ti ibẹ̀ mọ kọ́kọ́rọ́ gbangba, ẹni tó sì mú kọ́kọ́rọ́ gbangba dání kò lè ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ kọ́kọ́rọ́ àṣírí.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí tó rọrùn jù lọ wò ó. Bí ẹnì kan bá mú 1 ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ohun tó máa jáde nìyí, ní ìlà kejì àti ìkẹta:

```
1
0279be667ef9dcbbac55a06295ce870b07029bfcdb2dce28d959f2815b16f81798
bc1qw508d6qejxtdg4y5r3zarvary0c5xw7kv8f3t4
```

Ibikíbi láyé tí wọ́n bá ti ṣe ìṣirò yìí, èsì kan náà ni. (Ẹ má fi kọ́bọ̀ kan ránṣẹ́ síbẹ̀ o. Gbogbo ayé ló mọ 1, àwọn tó fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ irú àdírẹ́ẹ̀sì bẹ́ẹ̀ sì ń bẹ, owó kò ní pẹ́ níbẹ̀.)

Báwo wá ni akápò ṣe máa ná owó láìfi kọ́kọ́rọ́ àṣírí han ẹnikẹ́ni? Wọ́lẹ́ẹ̀tì á kọ ìwé àṣẹ: ẹ mú iye yìí kúrò níbí, ẹ gbé e lọ sọ́hùn-ún. Á wá fi kọ́kọ́rọ́ àṣírí àti ọ̀rọ̀ inú ìwé náà gan-an ṣe ìṣirò tó bí ìbuwọ́lù. Ìwé àṣẹ, ìbuwọ́lù àti kọ́kọ́rọ́ gbangba ló máa jáde síta, kọ́kọ́rọ́ àṣírí jókòó sílé. Àwọn kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ lọ kọ́kọ́rọ́ gbangba náà, kí wọ́n lè rí i bóyá àdírẹ́ẹ̀sì tó ni owó ló máa jáde. Wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìbuwọ́lù náà bá kọ́kọ́rọ́ gbangba àti ìwé àṣẹ mu. Bí ẹnikẹ́ni bá yí iye owó padà lójú ọ̀nà, ìbuwọ́lù náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Nítorí pé ìgbà ìnáwó ni kọ́kọ́rọ́ gbangba ń jáde síta, ti àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bc1q kì í hàn sí aráyé títí di ọjọ́ tí a bá kọ́kọ́ ná owó ibẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ gbangba tún ní iṣẹ́ kan tó dára fún akápò. BTCPay Server, irinṣẹ́ tí Feminist Coalition lò, lè fún olùtọrẹ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́ẹ̀sì tuntun. Oríṣi kọ́kọ́rọ́ gbangba kan wà tí a lè ti inú rẹ̀ bí àìmọye àdírẹ́ẹ̀sì, òun nìkan la sì lè gbé sórí ẹ̀rọ náà. Olè tó bá wọ ibẹ̀ á rí iye tó ti wọlé, ṣùgbọ́n kò lè mú kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀. Ohun tó lè ṣe ni pé kó yọ àdírẹ́ẹ̀sì yín, kó fi tirẹ̀ rọ́pò, kí owó tó ń bọ̀ máa yà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ewu àdírẹ́ẹ̀sì wà ní tòótọ́.

Àwọn ayédèrú áàpù kan tún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀: o da àdírẹ́ẹ̀sì kọ, wọ́n á ti pààrọ̀ rẹ̀ kó o tó lẹ̀ ẹ́. Àmì mẹ́fà tó gbẹ̀yìn àdírẹ́ẹ̀sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bc1q wà fún yíyẹ àṣìkọ wò. Bí o bá ṣi lẹ́tà kan sí mẹ́rin kọ, wọ́lẹ́ẹ̀tì á kọ̀ ọ́ dájúdájú. Ṣùgbọ́n àdírẹ́ẹ̀sì olè kò ní àṣìkọ nínú, wọ́lẹ́ẹ̀tì á gbà á. Ojú ló máa rí ìyẹn: ẹ fi èyí tó wà lójú fóònù wé ti akápò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi owó díẹ̀ dán an wò.

Ọ̀rọ̀ 12 tí wọ́lẹ́ẹ̀tì ní kó o kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó o ṣí i ńkọ́? Inú wọn ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ ti ń jáde. Ẹni tó ní kó o kà wọ́n fún òun, ìbáà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wọ́lẹ́ẹ̀tì, owó rẹ ló ń tọrọ. Bí áàpù tí ò ń lò kò bá fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ hàn ọ́ rí, tó jẹ́ pé ímeèlì àti ọ̀rọ̀ ìwọlé nìkan lo ní, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ilé iṣẹ́ náà ló mú kọ́kọ́rọ́ àṣírí dání. Bí àwọn oníbàárà ilé iṣẹ́ FTX ṣe bá ara wọn nìyẹn ní November 2022: wọ́n ń wo iye owó wọn lójú fóònù, wọn kò sì rí i gbà.

Fún owó kànga, n kò ní gbà kí akápò nìkan mú kọ́kọ́rọ́ dání. Bó bá ṣaláìsí láìfi ọ̀rọ̀ 12 náà lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, owó á wà lójú gbogbo ayé, kò sì sẹ́ni tó máa lè ná an. Bítíkọ́ìnì gba àdírẹ́ẹ̀sì oníkọ́kọ́rọ́ mẹ́ta, tó jẹ́ pé ìbuwọ́lù méjì nínú mẹ́ta ló ń gbé owó jáde. Ẹ fún akápò ní ọ̀kan, akọ̀wé ní ọ̀kan, kí ìkẹta wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀rà. Àdírẹ́ẹ̀sì irú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bc1q a máa gùn tó àmì 62, nígbà tí ti ẹlẹ́nìkan tó fara jọ ọ́ jẹ́ 42. Àwọn àgbà lè kà á fúnra wọn lójú Wáàsáàpù.