Máàkì Tí Bàbá Ní Wọ́n Jí

Bàbá kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ń ṣòwò ní Jọ́ọ̀sì, mú ìwé kan wá bá mi. Inú ń bí i gidigidi. Ó ní àwọn olùkọ́ yunifásítì ti jí máàkì ọmọ òun. Ọmọ náà ti kọ̀wé sílé pé òun gba 65. Èsì jáde, 53.5 ni wọ́n kọ síbẹ̀.

"Ẹ bá mi wò ó, kí n tó wọ mọ́tò lọ bá wọn."

Mo wò ó. Nínú iṣẹ́ àṣetiléwá, ọmọ náà gba 16 nínú 20. Nínú ìdánwò kékeré, 21 nínú 30. Nínú ìdánwò àṣekágbá, 45 nínú 100. Ó sọ wọ́n di ìdá ọgọ́rùn-ún: 80, 70 àti 45. Kò ṣì í títí dé ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, tí ó sì pín in sí mẹ́ta, bí ẹni pé wọ́n dọ́gba.

Wọn kò dọ́gba. Ìwé tí olùkọ́ pín fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún iṣẹ́ àṣetiléwá, 20 fún ìdánwò kékeré, 70 fún àṣekágbá. Nítorí náà, a ó fi 10 sọ 80 di púpọ̀, a ó pín in sí 100, yóò kù 8. Bákan náà, 70 lọ́nà 20 yóò fún wa ní 14, 45 lọ́nà 70 yóò sì fún wa ní 31.5. Àròpọ̀ wọn ni 53.5. Olè kankan kò jà.

"Ṣùgbọ́n 21 ni ó gbà, báwo ni ó ṣe di 14?"

Ìbéèrè gidi ni. 30 ni olùkọ́ fi máàkì ìdánwò náà, ṣùgbọ́n ìpín rẹ̀ kò ju 20 lọ. Bí a bá kọ 21 sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti ju gbogbo ìpín náà lọ. Nípa èyí ni ènìyàn fi ń mọ̀ pé òun ti ṣìṣe.

Ohun tí ó dùn mí ju èyí lọ ni pé ìṣirò yẹn ni ọmọ náà fi múra ìdánwò. 60 ni ó ń lépa. Lójú tirẹ̀, 80 àti 70 ti wà lọ́wọ́, nítorí náà 30 péré nínú àṣekágbá yóò gbé e débẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé 22 ni ó ní lọ́wọ́, ó sì ku 38 nínú 70 tí ó ṣẹ́kù. Ẹ fi 100 sọ 38 di púpọ̀, kí ẹ pín in sí 70: ó lé díẹ̀ ní 54. Ó yẹ kí ó gba 55. 30 tí ó ń fojú sùn ìbá fún un ní 43 péré.

Ẹ má ṣe lo 55 yìí fún ẹ̀kọ́ mìíràn, nítorí ìpín lè yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan sí èkejì.

Bàbá náà ká ìwé rẹ̀, ó ní kí n kọ ìṣirò náà sílẹ̀ kí òun fi ránṣẹ́ sí ọmọ.