Fèrèsé Ìwòran Nínú Àwòrán Síìtì: Àlàyé Pẹ̀lú Àpẹẹrẹ Àyà Ẹni Tó Fara Pa

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yí ìmọ́lẹ̀ àti ìyàtọ̀ àwọ̀ padà lára àwòrán síìtì kí ẹ̀dọ̀fóró, egungun tàbí ẹran ara lè hàn kedere. Ó fi hàn pé nọ́ḿbà tí ẹ̀rọ kọ sílẹ̀ kì í yí padà. Apá tí wọ́n yàn láti wò nínú àwọn nọ́ḿbà náà ló ń yí padà. Nítorí èyí, ohun tí kò hàn nínú fèrèsé kan lè wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ìfáárà

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1971, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n fi ẹ̀rọ síìtì ya àwòrán ọpọlọ aláìsàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Godfrey Hounsfield, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe ẹ̀rọ náà. Òun àti Allan Cormack ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí ní ọdún 1979.

Ohun tí ẹ̀rọ síìtì ń mú jáde kì í ṣe àwòrán ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, nọ́ḿbà ni. Ẹ̀rọ náà ń ta ìtànṣán èkísíréè yí ara ká, ó sì ń wọn iye tó kù lẹ́yìn tí ìtànṣán bá ti la ara kọjá. Kọ̀ǹpútà yóò wá ṣírò nọ́ḿbà kan fún ojú-àmì kéékèèké kọ̀ọ̀kan tí àwòrán pín sí. Orúkọ Hounsfield ni wọ́n fi pe òṣùwọ̀n yìí, HU sì ni wọ́n máa ń kọ ọ́. Omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000. Ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀ máa ń wà ní nǹkan bí -850, ọ̀rá ní nǹkan bí -100, iṣan ara ní nǹkan bí 50. Egungun máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 300, èyí tó le gan-an sì lè kọjá 1000.

Ìdí tí fèrèsé fi pọn dandan

Ẹ̀rọ sábà máa ń lo nọ́ḿbà láti -1024 dé 3071, èyí tó jẹ́ 4096 lápapọ̀. Ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà lásán sábà máa ń ní ìpele 256 péré láàárín dúdú àti funfun. Bí wọ́n bá pín 4096 dọ́gba sórí 256, nọ́ḿbà 16 ni yóò máa bọ́ sínú ìpele kan. Omi tó wà ní 0 àti ẹ̀jẹ̀ tó wà ní 50 yóò wá fi ìpele mẹ́ta péré yàtọ̀ síra. Ojú ènìyàn kò ní rí i.

Ọ̀rọ̀ yìí jọ bí olùkọ́ ṣe ń sọ máàkì di lẹ́tà. Bí gbogbo ẹni tí kò tó 40 bá gba F, ẹni tó gba 5 àti ẹni tó gba 38 dọ́gba lójú ẹni tó ń ka lẹ́tà nìkan. Máàkì wọn ṣì wà nínú ìwé olùkọ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà náà ti bo ìyàtọ̀ wọn mọ́lẹ̀. Olùkọ́ tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín àwọn tó kùnà gbọ́dọ̀ pín abẹ́ 40 sí ìpele tuntun.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fèrèsé ìwòran ṣe ń ṣiṣẹ́. Wọ́n á yan apá kan nínú nọ́ḿbà, wọ́n á sì pín gbogbo ìpele àwọ̀ sórí apá yẹn nìkan. Ohun méjì ló ń sọ ibi tí fèrèsé wà: ìbú rẹ̀, tí wọ́n ń kọ ní W, àti àárín rẹ̀, tí wọ́n ń kọ ní L. Bí W bá jẹ́ 400, tí L sì jẹ́ 40, fèrèsé náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti -160, yóò sì parí sí 240. Gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ -160 yóò dúdú pátápátá. Gbogbo ohun tó bá ju 240 lọ yóò funfun pátápátá. Bí wọ́n bá yí L padà, ìmọ́lẹ̀ àwòrán yóò yí padà. Bí wọ́n bá dín W kù, ìyàtọ̀ àwọ̀ láàárín àwọn nǹkan tó wà nínú fèrèsé yóò pọ̀ sí i.

Àpẹẹrẹ: awakọ̀ tó fi àyà gbá ọwọ́ ọkọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ lè fojú inú wo awakọ̀ kan tó fi àyà gbá ọwọ́ ìdarí ọkọ̀ nínú ìjàm̀bá. Wọ́n ya àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbéèrè mẹ́ta ni dókítà ní: ǹjẹ́ ẹ̀jẹ̀ dà sínú àyà? Ǹjẹ́ afẹ́fẹ́ sá jáde láti inú ẹ̀dọ̀fóró sí ààrin òun àti ògiri àyà? Ǹjẹ́ egungun ìhà ṣẹ́?

Fèrèsé ẹran ara, W 400 L 40, ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Omi kan wà lẹ́yìn ẹ̀dọ̀fóró. Bí omi lásán bá ni, tó wà ní 10, yóò bọ́ sí ìpele 108 nínú 255. Ẹ̀jẹ̀ tó wà ní 50 yóò bọ́ sí 134. Ìyàtọ̀ yìí hàn sí ojú. Ṣùgbọ́n nínú fèrèsé yìí kan náà, afẹ́fẹ́ tó sá jáde, ní -1000, àti ẹ̀dọ̀fóró, ní -850, wà nísàlẹ̀ -160. Dúdú kan náà ni àwọn méjèèjì.

Nígbà tí wọ́n bọ́ sí fèrèsé ẹ̀dọ̀fóró, W 1500 L -600, tó lọ láti -1350 dé 150, afẹ́fẹ́ bọ́ sí ìpele 60, ẹ̀dọ̀fóró sì bọ́ sí 85. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni etí ẹ̀dọ̀fóró hàn bí ìlà tín-ínrín, tí kò sí ẹ̀ka iṣan ẹ̀jẹ̀ kankan níwájú rẹ̀. Èyí ni àmì pé afẹ́fẹ́ ti sá jáde. Kò sí ohun kékeré níbẹ̀: bí wọ́n bá so irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ tó sá jáde lè pọ̀ sí i, kó sì tẹ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀ dé ojú ikú. Nínú fèrèsé yìí, ẹ̀wẹ̀, omi àti ẹ̀jẹ̀ ti súnmọ́ ara wọn, 231 àti 238, ojú kò sì lè yà wọ́n mọ́.

Egungun ìhà ló kù. Nínú fèrèsé ẹran ara, èèpo líle egungun, bíi 900, àti inú rẹ̀, bíi 300, funfun bákan náà. Fèrèsé egungun, W 2000 L 500, gbé wọn sí 179 àti 102, ibi tí egungun ti ya sì hàn.

Ibi tí fèrèsé mọ

Fèrèsé kì í dá ohun tí kò sí nínú nọ́ḿbà. Nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣírò àwòrán, ọ̀nà ìṣírò kan wà tí ń mú un jọ̀lọ̀ fún ẹran ara, òmíràn sì wà tí ń mú etí nǹkan mú fún egungun àti ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ṣe, egungun tó là bí irun lè farasin, kódà nínú fèrèsé egungun.

Ìdènà kejì wọ́pọ̀ jù. Bí wọ́n bá ti tẹ àwòrán sórí fíìmù, tàbí tí wọ́n fi fóònù yà á láti ojú kọ̀ǹpútà, àwọ̀ nìkan ló kù; nọ́ḿbà ti lọ. Bí ẹni tó gbà á bá mú un mọ́lẹ̀ sí i, dúdú tó bo afẹ́fẹ́ àti ẹ̀dọ̀fóró yóò di eérú, ṣùgbọ́n eérú kan náà ni yóò jẹ́. Nítorí náà, fáìlì DICOM, tó gbé nọ́ḿbà dání, ló yẹ kí ilé ìwòsàn fi ránṣẹ́ sí èkejì.

Ìgúnlẹ̀

W àti L sábà máa ń wà ní etí àwòrán. Ẹni tó bá rí W 400 L 40 nìkan lára àwòrán àyà lè sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ tó dà, ṣùgbọ́n kò tíì lè sọ pé afẹ́fẹ́ kò sá jáde tàbí pé egungun kò ṣẹ́. Aláìsàn kò nílò ìtànṣán mìíràn kí ìdáhùn méjèèjì tó kù lè jáde. Fèrèsé méjì mìíràn lórí nọ́ḿbà kan náà ló kù láti ṣí.