Kí Lẹ́tà Ẹ̀sùn Tó Kúrò Lọ́wọ́ Yín

Nínú oṣù Kẹta ọdún 2025, màmá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Gbági, n'Ìbàdàn, ki káàdì bọ ẹ̀rọ apọwó báńkì kan tó yàtọ̀ sí báńkì tiwọn. Ẹ̀rọ náà dún bí ẹni pé ó ń ka owó, àmọ́ kò sí kọ́bọ̀ tó jáde. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àlẹ́ẹ̀tì wọlé pé wọ́n ti yọ owó náà. Màmá lọ sí báńkì wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ, owó á padà. Nígbà tí owó ò padà, wọ́n jókòó, wọ́n kọ lẹ́tà tó kún ojú ewé méjì, wọ́n sì ní kí n bá àwọn wò ó kí àwọn tó fi ránṣẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kéèyàn mọ̀ ni ẹni tó máa ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ni, kò sì mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó lọ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ rí nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ apọwó máa ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sílẹ̀: aago, iye tí wọ́n béèrè, bóyá owó jáde tàbí kò jáde. Bí owó kò bá jáde lóòótọ́, tí wọ́n bá wá ka owó tó wà nínú ẹ̀rọ, iye náà á lé sí ohun tó yẹ kó kù níbẹ̀. Ọjọ́, aago, ibi tí ẹ̀rọ wà àti iye owó ni òṣìṣẹ́ yìí ń wá kiri nínú lẹ́tà. Nínú lẹ́tà màmá, ìdajì ojú ewé kejì ló ti máa rí aago.

Ohun tó kún ojú ewé kìíní nìyí: «Ìwà ọ̀daràn gbáà ni ẹ hù sí mi yìí. Ẹ ti lẹ̀dí àpò pọ̀ láti fi òógùn ojú opó jayé. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti rí oorun sùn. Ọlọ́run tó ń gbèjà opó ló máa dá yín lẹ́jọ́.» Mi ò bá wọn jiyàn pé inú kò yẹ kó bí wọn. Bó bá jẹ́ iwájú àgbà ni wọ́n ti ń rojọ́ ni, ohun tó yẹ kí wọ́n sọ gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òṣìṣẹ́ yẹn lè kọ oorun àìrísùn sí. Ti «lẹ̀dí àpò pọ̀» yẹn tiẹ̀ burú díẹ̀ sí i. Ẹ̀sùn jìbìtì ni, ó lè mú kí wọ́n gbé lẹ́tà náà fún àwọn tó ń ṣèwádìí olè, tàbí kí wọ́n gbé e fún lọ́yà wọn, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe.

Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí mo ní kí a rò dáadáa ká tó pa á rẹ́. Màmá kọ ọ́ pé owó náà làwọn fẹ́ fi san owó ìdánwò ọmọ àwọn, ojú sì ti àwọn níléèwé. Ìtìjú ò ṣeé fi béèrè nǹkan kan. Àmọ́ ká ní iléèwé gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n pẹ́, tí rìsíìtì sì wà, pípadánù owó nìyẹn, wọ́n lè ní kí báńkì dá a padà. Mo bi wọ́n, wọ́n ní rárá, iléèwé ní sùúrù. Ni a bá fa ìlà sí i.

Àwítúnwí ló gba àkókò jù, torí pé kì í ṣe pé ó ń jẹ́ kí lẹ́tà gùn nìkan, ó máa ń bí ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára mu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni màmá sọ pé wọ́n yọ owó. Lójú ewé kìíní, ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni. Lójú ewé kejì, ó di àárọ̀ Sátidé. Àwọn méjèèjì ló ní ìdí: Jímọ̀ ni wọ́n lo ẹ̀rọ, Sátidé ni àlẹ́ẹ̀tì dé. Òṣìṣẹ́ tó bá lọ wá Sátidé nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ kò ní rí nǹkan kan, èsì tó máa kọ ni pé kò sí irú ẹ̀ ńbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye owó. Ibì kan ní 20,000 náírà, ibòmíì ní 20,100. Òótọ́ ni méjèèjì, torí pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún yẹn ni Báńkì Àpapọ̀ ti ní kí wọ́n máa gba 100 náírà lórí 20,000 tí èèyàn bá gbà ní ẹ̀rọ báńkì míì tó wà nínú ọgbà báńkì. Lẹ́tà ni kò ṣàlàyé ẹ̀.

Ohun tí a ṣe ni pé a fi bírò pupa sàmì sí gbogbo ibi tó sọ ohun kan náà, a mú èyí tó ní ọjọ́ àti aago, a fagi lé ìyókù. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n lọ sí báńkì jọ àwítúnwí, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ni. Ẹ fi ọjọ́ tiẹ̀ sí ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kó wọn sínú gbólóhùn kan.

Ìbéèrè màmá ló kù. «Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i, kí òdodo lékè.» Báńkì lè fèsì pé àwọn ti ń wá nǹkan ṣe sí i, wọn ò sì parọ́. Ìbéèrè tó dáa ni èyí tí èèyàn lè sọ lọ́jọ́ kan pàtó pé wọ́n ti ṣe é tàbí wọn ò tíì ṣe é. Èmi tiẹ̀ fara mọ́ ọn pé ìbéèrè ni kéèyàn kọ́kọ́ kọ, kó tó máa wo èyí tó wúlò fún un nínú ìyókù. Ìhàlẹ̀ nípa rédíò àti àbúrò wọn tó jẹ́ sójà náà lọ.

Ohun tó ṣẹ́ kù nìyí:

«Ní Jímọ̀, ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 2025, ní nǹkan bí aago 4:40 ìrọ̀lẹ́, mo fẹ́ gba 20,000 náírà ní ẹ̀rọ apọwó báńkì mìíràn tó wà nítòsí ọjà Gbági. Owó kò jáde, àmọ́ wọ́n yọ 20,000 náírà àti owó iṣẹ́ 100 náírà nínú àkáǹtì mi. Mo fẹjọ́ sùn ní ẹ̀ka yín ní ọjọ́ 10 àti ọjọ́ 12, wọn ò fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Mo fẹ́ kí ẹ dá 20,100 náírà padà sínú àkáǹtì mi, kí ẹ sì kọ èsì sí mi, kó má kọjá ọjọ́ 27 oṣù Kẹta. Bí ẹ bá ní owó náà jáde, mo fẹ́ ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà. Bí mi ò bá rí èsì lọ́jọ́ náà, màá gbé ẹ̀sùn yìí lọ sí Báńkì Àpapọ̀.»

Orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti nọ́ńbà àkáǹtì wà lókè. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lára káàdì tó. A kì í kọ gbogbo rẹ̀, a kì í sì í kọ nọ́ńbà àṣírí rárá. Báńkì tó ni káàdì la kọ ọ́ sí, kì í ṣe báńkì tó ni ẹ̀rọ, torí pé òun ló máa bá wọn yanjú ẹ̀. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ti 2020 ní irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ kó tó padà. Ẹ lè fi gbólóhùn kan rán wọn létí ìyẹn, kò gba ìbínú.

Màmá tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, kí báńkì lu òǹtẹ̀ sí ọ̀kan kí wọ́n sì mú un lọ sílé. Bí ọ̀rọ̀ bá dé Báńkì Àpapọ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ máa béèrè ni ẹ̀rí pé èèyàn ti fẹjọ́ sun báńkì tirẹ̀ ná. Lẹ́tà kan náà ló máa lọ, pẹ̀lú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ yẹn àti ìlà kan pé ọjọ́ 27 ti kọjá.